Àṣìṣe 10.7% nínú pirákítíkà pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù: bí a ṣe wá ìdí rẹ̀ kàn

Inú lábù físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kan ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní sẹ́kọ́ńdírì àgbà. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ní láti fi bọ́ọ̀lù irin tó ń fì lórí okùn wá iye g, ìyẹn bí òòfà ilẹ̀ ṣe ń mú kí ohun tó bá já bọ́ máa yára sí i. Ọmọ mẹ́rin ló wà nídìí tábìlì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, 10.83 m/s² ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ 9.78 ló yẹ kí ẹni tó bá wọ̀n ọ́n dáadáa rí ní Ìbàdàn. Wọ́n fi 10.7% jìn sí i.

Mo yẹ ìwé wọn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ìṣirò kan tó wọ́. Okùn wọn dára, rúlà wọn dára, wọ́n sì fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé nọ́ńbà àṣìṣe yẹn fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí ibi tí ọ̀ràn wà, kí ẹnikẹ́ni tó fi ojú rí i.

Ohun èlò wọn kò pọ̀: rẹtọ́ọ̀tì sítáǹdì kan, okùn tín-ínrín, bọ́ọ̀lù irin kékeré tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, rúlà mítà kan, àti aago tí a máa ń tẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, tí a tún máa ń tẹ̀ kó dúró. Wọ́n fi kọ́ọ̀kì tí a là sí méjì há okùn náà mọ́ òkè, kí ibi tó ti ń fì má baà máa yẹ̀. Wọ́n wọn gígùn láti ẹnu kọ́ọ̀kì dé àárín bọ́ọ̀lù irin. Wọ́n fà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n sì ka fífì 20. Fífì kan ni pé kí bọ́ọ̀lù kúrò níbì kan, kó lọ, kó bọ̀, kó sì tún dé ibẹ̀ bó ṣe kúrò níbẹ̀. Wọ́n fi 20 pín àkókò tí aago kà, èyí ló fún wọn ní T, àkókò fífì kan ṣoṣo. Wọ́n wá fi í sínú ìlànà yìí:

```
g = 4π²L / T²
```

L ni gígùn ní mítà, T ni àkókò fífì kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Gígùn márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò. Ohun tó wà nínú ìwé wọn nìyí, àfi òpó ìkẹyìn tí a jọ fi kún un lẹ́yìn:

| Gígùn (cm) | Àkókò fífì 20 (s) | g (m/s²) | Àṣìṣe (%) |
|---|---|---|---|
| 100 | 38.2 | 10.82 | +10.6 |
| 80 | 34.1 | 10.86 | +11.0 |
| 60 | 29.6 | 10.81 | +10.5 |
| 40 | 24.1 | 10.88 | +11.2 |
| 20 | 17.1 | 10.80 | +10.4 |

Ẹ jẹ́ kí a mú ìlà kejì. Àkókò fífì 20 jẹ́ 34.1, nítorí náà T jẹ́ 1.705. T lọ́nà T jẹ́ 2.907. 4π² lọ́nà 0.80 jẹ́ 31.58. Bí a bá fi 2.907 pín 31.58, 10.86 ni a ó rí. Láti mọ bó ṣe jìn sí iye gidi, a yọ 9.78 kúrò lára 10.86, ó ku 1.08. A fi 9.78 pín 1.08, a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ó jẹ́ 11.0%.

```
àṣìṣe (%) = (iye tí a wọ̀n − iye gidi) ÷ iye gidi × 100
```

Ibí gan-an ni àríyànjiyàn kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú wọn ti fi 10.86 pín in, ó sì rí 9.9%. Ó ní, “Mà, ṣebí iye tí àwa rí ló yẹ ká fi pín in, àwa la ṣe iṣẹ́.” Mo ṣàlàyé fún un pé ìbéèrè tí a ń dáhùn ni pé báwo ni a ṣe jìn sí òtítọ́ tó, òtítọ́ náà ló sì yẹ kó wà nísàlẹ̀. Iye gidi kì í yẹ̀, ti tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ń yí padà. Bí tábìlì kọ̀ọ̀kan bá ń fi iye tirẹ̀ pín in, ìwọ̀n tí a fi ń wọn àṣìṣe á máa yàtọ̀ láti tábìlì dé tábìlì, a kò sì ní lè fi ti ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn. Bí àṣìṣe bá kéré, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì kì í hàn. Bó bá tó 10% bí èyí, á hàn kedere.

Iye gidi wo?

Àríyànjiyàn kejì le ju ìkíní lọ. Ọmọbìnrin tó ń di aago mú béèrè pé kí ló dé tí mo fi ń lò 9.78, nígbà tí ìwé ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì máa ń kọ g = 10 síbẹ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀: bí a bá lo 10, àṣìṣe wọn á jẹ́ 8.3% dípò 10.7%.

Ìbéèrè gidi ni. 10 tí ìdánwò ń lò wà fún ìrọ̀rùn ìṣirò, kí ọmọ má baà lo gbogbo àkókò rẹ̀ lórí ìsodipúpọ̀. Kò sí ibì kan lórí ilẹ̀ ayé tí g ti tó 10. Níbi ìlà agbedeméjì ayé, ó jẹ́ 9.780 ní ojú òkun. Ní òpó àríwá àti ti gúúsù, ó jẹ́ 9.832. Ayé ń yí, ó sì wú díẹ̀ láàárín, ìdí nìyẹn tí òòfà fi dín kù bí a bá ṣe ń sún mọ́ agbedeméjì. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì, nǹkan bíi dígírì 7.4 péré ni ní àríwá rẹ̀, ó sì ga sókè díẹ̀ ju òkun lọ. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, 9.78 ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, 9.81 ni, ibi irú iye bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé físíìsì tí a ń kà ti mú tiwọn. 9.80665 tí àwọn ọmọ máa ń bá pàdé nínú ẹ̀rọ ìṣirò wọn jẹ́ iye tí àpérò àgbáyé lórí ìwọ̀n fẹnu kò lé lórí ní ọdún 1901, kí gbogbo ayé lè ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ìṣirò. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Ìbàdàn.

Láàárín 9.78 àti 9.81, ìyàtọ̀ kò ju 0.3% lọ. Pẹ̀lú aago tí a fi ọwọ́ tẹ̀, ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kò lè rí ìyẹn, n kì í sì í bá wọn jà lé e lórí. Ṣùgbọ́n 10 kọjá bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìsí àbùkù kankan, tó rí 9.78, á fi 10 wé e, yóò sì kọ pé òun ti ṣi 2.2%. Èyí tó burú jù ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wọ́ sí òkè, bíi tàwọn ọmọ mi yìí, á dà bí ẹni tó sàn ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà, kí a tó ṣírò àṣìṣe rárá, a gbọ́dọ̀ bi ara wa pé iye gidi tí a gbé kalẹ̀ yìí, ṣé ó gidi dé ìwọ̀n tí iṣẹ́ wa lè rí.

Ẹ má ṣe tètè pa àmì rẹ́

Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní kí a fi ìyàtọ̀ náà sílẹ̀ láìní àmì, kó jẹ́ 10.7% lásán. Fún àbọ̀ ìkẹyìn, kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣì ń wá ìdí, èrò tèmi ni pé ẹni tó pa àmì rẹ́ ti pa ìdajì ẹ̀rí rẹ́. Àmì + tó wà níwájú àwọn nọ́ńbà yẹn lé ọ̀pọ̀ afurasí jáde ní kíá.

Wo ìlànà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. L wà lókè, T wà nísàlẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí g lè pọ̀ jù, àfi kí L tí a kọ sílẹ̀ gùn ju bó ṣe rí lọ, tàbí kí T tí a kọ sílẹ̀ kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fura sí ni fífà tí a ń fa bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí pé àwọn ọmọ fẹ́ràn kó máa fì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìlànà tí a lò yẹn kò péye àfi bí fífà náà bá kéré. Tí a bá fà á tó dígírì 20, àkókò fífì kan á gùn sí i pẹ̀lú nǹkan bíi 0.8%. T tó gùn sí i á mú kí g kéré ni, kò ní mú kó pọ̀. Àmì lòdì sí i, a fi í sílẹ̀.

Èkejì ni gígùn. Àwọn kan máa ń wọn okùn nìkan, wọn kì í ka bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Ìyẹn náà á mú kí L kéré, g á sì kéré. Àmì tún lòdì. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n dé ìdí bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, L á gùn jù, g á pọ̀ jù. Àmì yẹn bára mu. Ṣùgbọ́n títóbi rẹ̀ kò bára mu: ìdajì fífẹ̀ bọ́ọ̀lù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1, bí okùn bá sì jẹ́ 80, àṣìṣe tí ìyẹn lè mú wá kò ju 1.3% lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi gígùn nìkan dé 11% ní 80 gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 ṣi rúlà kà. Àwọn ọmọ yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ tó ń tẹ aago. Ọwọ́ ènìyàn lè pẹ́ tàbí kó yá pẹ̀lú ìdá 2 nínú 10 ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú 34 ìṣẹ́jú àáyá, 0.2 jẹ́ 0.6%. Nítorí pé T wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó di 1.2% lára g. Ìyẹn náà kò tó.

Bí àṣìṣe ṣe ń rìn láti ìlà dé ìlà

Ohun tó mú mi dúró lórí òpó ìkẹyìn inú àkọsílẹ̀ yẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Láti 100 sẹ̀ǹtímítà títí dé 20, àárín 10.4 àti 11.2 ló wà. Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó gòkè díẹ̀, láìsí ètò.

Ẹ fi èyí wé ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí gígùn bá lẹ́bi. Ká ní wọ́n wọ̀n ọ́n dé ìdí bọ́ọ̀lù. Sẹ̀ǹtímítà 1 tó lé yẹn jẹ́ nǹkan kékeré lára 100, àṣìṣe g á jẹ́ +1.0%. Lára 20, sẹ̀ǹtímítà 1 kan náà jẹ́ nǹkan ńlá, àṣìṣe á sì di +5.3%. Bí okùn bá ṣe ń kúrú ni àṣìṣe á máa ga. Ohun tí a bá fi kún gígùn, tàbí tí a yọ kúrò lára rẹ̀, tí kò yí padà láti ìlà dé ìlà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń hàn. Rúlà tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ, tí òdo rẹ̀ kò sí mọ́, máa ń ṣe irú rẹ̀ gan-an.

Lórí gíráàfù, ìyàtọ̀ méjèèjì á tún hàn. Tí a bá ya T² lé L lórí, ìlà tó gún régé ni, ó sì yẹ kó gba orí òdo kọjá. Àṣìṣe gígùn tí kò yí padà máa ń gbé ìlà náà kúrò lórí òdo, ṣùgbọ́n dídà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń yára gòkè sí, kò ní yí padà, g tí a bá fi dídà náà wá á sì tọ̀nà. Ti àwọn ọmọ mi yìí gba orí òdo kọjá dáadáa, dídà rẹ̀ ló kéré jù. Ohun kan ti ń gbọ́n ìdá kan náà kúrò lára gbogbo àkókò wọn.

Ìdá mélòó? Èyí rọrùn láti ṣírò padà. Ìpíndọ́gba g wọn jẹ́ 10.83. Fi 9.78 pín in, ó jẹ́ 1.107. Nítorí pé T wà nínú ìlànà lẹ́ẹ̀mejì, a wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, á jẹ́ 1.107. Nọ́ńbà náà jẹ́ 1.052. Ìyẹn ni pé T wọn kéré ju bó ṣe yẹ lọ ní ìwọ̀n 1 sí 1.052.

Nígbà tí mo rí 1.052, mo gbé ìwé kejì, mo fi 19 pín 20. Ó jẹ́ 1.0526.

Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kí bọ́ọ̀lù irin náà ti fì lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún péré kí wọ́n tó tẹ aago dúró, kí wọ́n sì wá fi 20 pín àkókò rẹ̀.

Afurasí méjì tó jọ ara wọn

Mi ò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nígbà yẹn, torí pé ohun mìíràn wà tó lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Aago tó ń falẹ̀. Bí aago bá ń falẹ̀ pẹ̀lú 5%, yóò gbọ́n 5% kúrò lára gbogbo àkókò, yálà okùn gùn tàbí ó kúrú. Òpó ìkẹyìn yẹn á rí bákan náà, gíráàfù á rí bákan náà. Kò sí bí a ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa yíyí gígùn padà.

Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni iye fífì. Bí aago bá lẹ́bi, kò kàn án bóyá a ka 10 tàbí 50, ìdá tó ń gbọ́n kúrò kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé fífì kan ló ń sọnù nínú kíkà, ẹyọ kan nínú 10 tóbi, ẹyọ kan nínú 50 kéré. Mo ní kí wọ́n dá okùn padà sí 80 sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n ka 10, kí wọ́n sì tún ka 50, pẹ̀lú aago kan náà, ọwọ́ kan náà, ẹnu kan náà. N kò sọ ohun tí mo ń wá fún wọn. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, ẹni tó ń kà á á tún ara rẹ̀ ṣe láìmọ̀.

Fífì 10 gba 16.2 ìṣẹ́jú àáyá. Ó fún wọn ní g tó jẹ́ 12.03, àṣìṣe +23.0%. Fífì 50 gba 88.1. Ó fún wọn ní 10.17, àṣìṣe +4.0%. Láti 23 sí 11 sí 4, bí iye fífì ṣe ń pọ̀ sí i. Aago kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Mo wá ní kí wọ́n tún un ṣe níṣojú mi. Ọmọkùnrin tó ń kà á ló tún fa bọ́ọ̀lù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ó ṣe ń jọ̀wọ́ rẹ̀ ló ní “Ọ̀kan!”, ọmọbìnrin náà sì tẹ aago. Bọ́ọ̀lù lọ, ó bọ̀, ó ní “Èjì!” Ibẹ̀ ni. Nígbà tó ní “èjì” yẹn, fífì kan ṣoṣo ló tíì parí. Nígbà tó bá dé “ogún”, mọ́kàndínlógún ni. Ẹnu rẹ̀ ti ka ìgbà tó fi sílẹ̀ mọ́ fífì, bẹ́ẹ̀ aago ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Nígbà tí o pe ọ̀kan, kò tíì lọ síbì kankan o!” Gbogbo wọn dákẹ́ láti ronú, lẹ́yìn náà ni èyí tó ń kọ̀wé na ọwọ́ sí írésà. Ó fẹ́ pa 34.1 rẹ́, kó kọ 35.9 sí ipò rẹ̀, ó ti fi 19 pín in, ó ti fi 20 sọ ọ́ di púpọ̀ lórí ẹ̀rọ ìṣirò. N kò gbà fún un. Ohun tí aago kà ni 34.1, ó gbọ́dọ̀ dúró bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Wọ́n lè kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé fífì 19 ni, kí wọ́n sì fi 19 pín in. Ìyẹn tọ̀nà, nọ́ńbà tó sì jáde níbẹ̀ bára mu. Ṣùgbọ́n àkókò tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n kò gbọdọ̀ wọ inú òpó àkókò tí a wọ̀n.

Ìtúnṣe, àti ohun tó ṣẹ́ kù

Ọ̀nà tí a fi tún un ṣe kò le. Ẹni tó ń kà á á jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù náà, á jẹ́ kó fì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó fi fara balẹ̀. Lẹ́yìn náà, á kà á sẹ́yìn bí bọ́ọ̀lù ṣe ń kọjá ìsàlẹ̀ láti apá òsì sí apá ọ̀tún: mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, òdo. Orí “òdo” ni ọwọ́ á tẹ aago. Orí “ogún” ni á tún tẹ̀ ẹ́. A yan ìsàlẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń sáré jù, ìgbà tó ń kọjá á sì hàn kedere. Ní ìpẹ̀kun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ojú kì í mọ ìgbà tó yí padà gan-an. A fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára páálí, a gbé e sí ẹ̀yìn okùn, kí ojú lè ní ohun tó ń wò.

Wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ní 100 sẹ̀ǹtímítà, g jẹ́ 9.77, àṣìṣe −0.1%. Ní 80 àti 60, 9.80 ni, +0.2%. Ní 40, 9.71, −0.7%. Ní 20, 9.64, −1.4%.

Ọmọbìnrin tó di aago mú kò fẹ́ kí a fi −1.4% yẹn sílẹ̀. Ó béèrè bóyá àṣìṣe mìíràn tún ti wọlé, nítorí pé ó dà bí ẹni pé ó ń pọ̀ sí i bí okùn ṣe ń kúrú, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ pé àṣìṣe gígùn máa ń ṣe. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn. Ó lè jẹ́ lóòótọ́. Bí L tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá kúrú ju bó ṣe rí lọ pẹ̀lú mílímítà 3, g á wọlẹ̀ pẹ̀lú 1.5% ní 20, àti 0.7% ní 40. Nọ́ńbà méjèèjì yìí bára mu pẹ̀lú tiwọn. Ṣùgbọ́n ní 60, ó yẹ kó jẹ́ −0.5%, tiwọn sì jẹ́ +0.2%. Ohun mìíràn tó lè fà á ni ọwọ́: fífì 20 ní okùn kúkurú kò ju ìṣẹ́jú àáyá 18 lọ, kí ọwọ́ pẹ́ pẹ̀lú 0.13 péré, −1.4% ti dé. Ọ̀nà láti mọ̀ wà níwájú wọn, wọ́n ti lò ó lẹ́ẹ̀kan: ẹ mú iye fífì pọ̀ sí i. Bí ọwọ́ bá ni, àṣìṣe á kéré. Bí gígùn bá ni, kò ní yí padà.

Wọ́n ka 50 ní 20 sẹ̀ǹtímítà. Ó gba 45.0 ìṣẹ́jú àáyá, g jẹ́ 9.75, àṣìṣe −0.3%. Ọwọ́ ló ni ín.

Ó ku ibi méjì tí ọ̀nà yìí kì í dé, mo sì sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó kó ohun èlò wọn jọ. Èkíní ni pé àṣìṣe kékeré kì í ṣe ẹ̀rí pé iṣẹ́ dára. Ká ní àwọn ọmọ yìí kà 19 bí 20, tí wọ́n sì tún wọn okùn nìkan láìka bọ́ọ̀lù mọ́ ọn. Ní 20 sẹ̀ǹtímítà, ìkíní á gbé g sókè pẹ̀lú 10.8%, èkejì á fà á wálẹ̀ pẹ̀lú 4.8%, á wá ku nǹkan bíi +5.5%. Bí bọ́ọ̀lù náà bá tóbi tó ìlọ́po méjì, àṣìṣe méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn mọ́lẹ̀ ní gígùn yẹn, ọmọ á sì rò pé òun ti ṣe é dáadáa. Gígùn kan ṣoṣo kò lè tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀. Ní 100 sẹ̀ǹtímítà, ó máa ń jáde.

Èkejì ni pé àwọn ìwọ̀n kan wà tí a kì í fi ìdá ọgọ́rùn-ún ṣírò àṣìṣe wọn. Nígbà tí a bá fi tẹmómítà sínú omi dídì tó ń yọ́, iye gidi jẹ́ 0 °C. Tí tẹmómítà bá kà 1, kò sí bí a ṣe lè fi 0 pín 1. A máa kọ pé ó fi ìwọ̀n 1 ga jù ni, ó parí síbẹ̀. Kódà ní 100 °C, 1% tí a bá kọ kò ní ìtumọ̀ gidi, nítorí pé ibi tí wọ́n fi 0 sí lórí tẹmómítà jẹ́ ibi tí wọ́n yàn. Gígùn, ìwúwo àti àkókò kò rí bẹ́ẹ̀, òdo wọn ni pé kò sí nǹkan kan rárá.

Nínú àbọ̀ tí àwọn ọmọ náà fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n kọ àkókò méjèèjì sílẹ̀, ti àkọ́kọ́ àti ti ìtúnṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye fífì tó jẹ́ tirẹ̀. Wọ́n lo dídà gíráàfù ẹlẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú fífì 50 fún 20 sẹ̀ǹtímítà, láti wá g, wọ́n kọ 9.78 sí iye gidi, wọ́n sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé fún Ìbàdàn ni.